Èésú Oṣù Méjìlá Lásìkò Ọ̀wọ́n Gógó: Bí Ẹ Ó Ṣe Ṣírò Ohun Tí Owó Ẹni Tó Kó Kẹ́yìn Lè Rà

Láàárín àwọn tó ń pa láró tí wọ́n sì ń ta àdìrẹ ní Ìtókù, l'Abẹ́òkúta, èésú ni ọ̀pọ̀ fi ń rí owó ńlá kó jọ. Èrè ojúmọ́ kì í tó ra aṣọ funfun ní ìgàn-ìgàn; ilé á ti jẹ nínú rẹ̀, owó ilé-ìwé ọmọ á ti mú tirẹ̀. Nítorí náà, ènìyàn méjìlá á parapọ̀, kálukú á máa dá ₦50,000 lóṣù, ẹnì kan á sì máa kó ₦600,000 lóṣù títí yóò fi kárí gbogbo wọn. Nínú ìwé, kò sí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ: gbogbo wọn ló dá ₦600,000, gbogbo wọn ló kó ₦600,000. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ẹni tó kó ní oṣù kìíní àti ẹni tó kó ní oṣù kejìlá lọ sí ìsọ̀ aṣọ kan náà, kálukú lásìkò tirẹ̀. Ẹ ó rí i pé ẹrù tí wọ́n gbé jáde kò dọ́gba.

Ọ̀wọ́n gógó ọjà ló fà á. Owó náà dúró sójú kan, ọjà kò dúró. Ẹni tó ń kọ ìwé èésú ni mo kọ èyí fún jù lọ, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni àtúnṣe wà, kí ẹnikẹ́ni tó kó owó àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó kàn ń dá èésú náà lè tẹ̀ lé e. Fóònù tó ní ẹ̀rọ ìṣirò, ìwé kan àti gègé ti tó.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá ìdá ọ̀wọ́n gógó ọdún, kí ẹ sì rí i dájú pé òun gan-an lẹ mú

Àjọ tó ń rí sí ètò ìṣirò ní Nàìjíríà, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NBS, ló ń gbé iye yìí jáde lóṣooṣù. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn á lọ sọ́jà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kọ iye tí wọ́n ń ta oúnjẹ, aṣọ, ilé, ọkọ̀ wíwọ̀, oògùn àti àwọn nǹkan mìíràn, wọ́n á sì fi gbogbo rẹ̀ wé iye tí wọ́n ń tà á tẹ́lẹ̀. Àárín oṣù ni wọ́n máa ń kéde ti oṣù tó kọjá, ó sì máa ń wà lójú ìwé wọn, nigerianstat.gov.ng. Rédíò àti ìwé ìròyìn náà á gbé e.

Nínú ìkéde kan náà, iye tó ju ẹyọ kan lọ ló máa ń wà. Ọ̀kan fi oṣù yìí wé oṣù kan náà lọ́dún tó kọjá. Òun ni ìdá ọ̀wọ́n gógó ọdún, òun la sì ń wá. Òmíràn fi oṣù yìí wé oṣù tó ṣáájú rẹ̀, ìyẹn kéré púpọ̀. Ti oúnjẹ nìkan tún wà lọ́tọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ní ọ̀wọ́n gógó jẹ́ 2% tí ẹlòmíràn ní ó lé ní 30%, ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì sọ òótọ́: ti oṣù kan lèyí sọ, ti ọdún kan lọ̀hún sọ.

Iye tí wọ́n kéde fún oṣù kejìlá ọdún 2021 jẹ́ 15.63%. Ti 2022 jẹ́ 21.34%, ti 2023 jẹ́ 28.92%, ti 2024 sì jẹ́ 34.80%. Ẹni tó wà lọ́jà láàárín àwọn ọdún wọ̀nyí mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti tán. Oṣù tó tẹ̀ lé e, Báńkì Àpapọ̀ jọ̀wọ́ okùn náírà kí ọjà fúnra rẹ̀ máa sọ iye tí wọn ó fi ṣẹ́ dọ́là. Epo wọ́n, ọkọ̀ wọ́n, gbogbo ohun tó ń ti òkè òkun wọlé sì gbówó lórí. Aró alágolo, kọ́síkì sóódà àti ọ̀pọ̀ aṣọ funfun tí a ń pa láró wà nínú rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, iye tí wọ́n kéde já bọ́ sí 24.48%. Àwọn kan rò pé ọjà ti rọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àjọ náà ló yí òṣùwọ̀n rẹ̀ padà: ọdún tí wọ́n fi ń ṣe ìpìlẹ̀ ìwọ̀n, tó jẹ́ 2009 tẹ́lẹ̀, di 2024, ipa oúnjẹ nínú ìṣirò náà sì dín kù láti nǹkan bí 52% sí nǹkan bí 40%. Nítorí náà, ẹ má ṣe mú iye kan láti inú òṣùwọ̀n àtijọ́ kí ẹ fi wé ti tuntun bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ohun kejì ni pé kódà lórí òṣùwọ̀n kan ṣoṣo, bí ìdá ọ̀wọ́n gógó bá lọ sílẹ̀, kò túmọ̀ sí pé iye ọjà lọ sílẹ̀. Aṣọ tó gbówó lórí pẹ̀lú 34% lọ́dún tó kọjá, tó tún fi 18% kún un lọ́dún yìí, ń wọ́n sí i ni. Eré tó fi ń wọ́n ló dín kù.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ pín in, ẹ má yọ ọ́

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe. Wọ́n á gbọ́ 34.80%, wọ́n á ní owó àwọn ti sọ ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ nù. Ẹ jẹ́ ká fi aṣọ wò ó. Ká ní yáàdì kan jẹ́ ₦1,000 lọ́dún tó kọjá. ₦100,000 á ra ọgọ́rùn-ún yáàdì. Bí iye rẹ̀ bá fi 34.80% lọ sókè, yáàdì kan di ₦1,348. Ẹ fi 1,348 pín 100,000, ẹ ó rí 74 àti díẹ̀. Ẹni tó ń ra ọgọ́rùn-ún tẹ́lẹ̀ wá ń ra 74. Ohun tó sọ nù jẹ́ yáàdì 26, kì í ṣe 35.

Òfin ìṣirò náà kò ju èyí lọ: ẹ fi 100 pín ìdá ọ̀wọ́n gógó, ẹ fi 1 kún un (34.80 á di 1.348), kí ẹ wá fi ohun tó jáde pín owó yín. Ìdáhùn tí ẹ bá rí ni iye tí owó náà jẹ́ bí a bá fi ojú ọjà àná wò ó.

Bó bá ju ọdún kan lọ, ìsọdipúpọ̀ ni, kì í ṣe ìròpọ̀, nítorí orí iye tó ti wọ́n tẹ́lẹ̀ ni ti ọdún tuntun ń gùn. Ẹni tó di ₦100,000 sínú àpótí ní ìparí ọdún 2020, tí kò fọwọ́ kàn án títí di ìparí 2024, á sọ 1.1563 di púpọ̀ pẹ̀lú 1.2134, pẹ̀lú 1.2892, pẹ̀lú 1.348. Yóò rí nǹkan bí 2.438. Bó bá fi pín ₦100,000, ó ku nǹkan bí ₦41,000. Ẹni tó bá ro ìdá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ á rí 100.69%, á sì rò pé òun ṣì ní nǹkan bí ₦50,000. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án náírà ni àṣìṣe yẹn fi tàn án.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ sọ ti ọdún di ti oṣù

Oṣooṣù ni èésú ń yí, nítorí náà a gbọ́dọ̀ mọ bí owó ṣe ń dín kù láti oṣù kan sí èkejì. Bí a bá fi 12 pín 34.80, a ó rí 2.9, ṣùgbọ́n ó ti pọ̀ jù, nítorí pé gígùn tí ọjà ń gùn lé ara rẹ̀ ti wà nínú 34.80 yẹn. Iye tó tọ́ jẹ́ nǹkan bí 2.52% lóṣù. Bí ẹ bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ dá fóònù yín dùbúlẹ̀ kí ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀ lè fi àwọn àmì yòókù hàn, kí ẹ tẹ èyí:

```
1.348^(1/12)
```

Yóò gbé 1.0252 jáde. Láti mọ ohun tí ₦600,000 ẹni kejìlá lè rà, oṣù mọ́kànlá ló wà láàárín rẹ̀ àti ẹni àkọ́kọ́, nítorí náà:

```
600000/1.348^(11/12)
```

Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ₦456,000. Bí èésú yín bá kéré sí èyí tàbí bó pọ̀ jù ú lọ, ẹ yí 600000 padà. Bí ìdá ọ̀wọ́n gógó bá yí, ẹ yí 1.348. Fún ẹni tó wà ní ipò kẹta, oṣù méjì ló wà láàárín, ẹ fi 2 sí ibi tí 11 wà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ to ipò kọ̀ọ̀kan sínú ìwé

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lè fojú rí i. Bí ìdá ọ̀wọ́n gógó bá jẹ́ 34.80%, tí a sì fi ojú ọjà oṣù kìíní wò ó, báyìí ni ₦600,000 ṣe rí:

| Ipò | Owó tó kó | Ohun tó lè rà, lójú ọjà oṣù kìíní |
|---|---|---|
| Kìíní | ₦600,000 | ₦600,000 |
| Kẹrin | ₦600,000 | ₦557,000 |
| Keje | ₦600,000 | ₦517,000 |
| Kẹwàá | ₦600,000 | ₦480,000 |
| Kejìlá | ₦600,000 | ₦456,000 |

Ẹni tó bá rí èyí fún ìgbà àkọ́kọ́ á fẹ́ pariwo pé wọ́n jẹ ₦144,000 òun. Ẹ mú sùúrù, ẹ parí ìṣirò náà, nítorí ẹni kejìlá yẹn kò dá ₦600,000 rẹ̀ lójú ọjà oṣù kìíní. ₦50,000 tó dá ní oṣù kẹsàn-án ti dín kù lágbára kó tó fi sílẹ̀, èyí tó dá ní oṣù kejìlá sì dín kù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá wo gbogbo ohun tó dá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lójú ọjà oṣù kìíní, ó jẹ́ nǹkan bí ₦525,000. Iye kan náà ni gbogbo wọn dá, torí ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ ń dá a.

Ibẹ̀ ni òtítọ́ ti hàn. Ẹni àkọ́kọ́ dá ₦525,000, ó kó ₦600,000: ó fi nǹkan bí ₦75,000 jèrè. Ẹni kejìlá dá ₦525,000, ó kó ₦456,000: ó fi nǹkan bí ₦69,000 pàdánù. Àárín ipò kẹfà àti ìkeje ni ojú ti dọ́gba. Gbogbo ẹni tó wà lókè rẹ̀ ń jèrè lára àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ní ṣókí, ẹni tó kọ́kọ́ kó ti yá owó lọ́wọ́ àwọn yòókù, owó tó sì ń dá padà fúyẹ́ ju èyí tó gbà lọ.

Mo rò pé ó yẹ kí èyí yí bí a ṣe ń pín ipò padà. Ní ọ̀pọ̀ èésú, olórí àti àwọn àgbà ló ń mú ipò òkè, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé á wà nísàlẹ̀, nítorí a kò tíì mọ̀ bóyá yóò sá lọ. Ìdí yẹn tọ́. Ṣùgbọ́n ọmọdébìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, tó ń wá owó ra aṣọ àkọ́kọ́, ló wá ń ru ẹrù ọ̀wọ́n gógó fún àwọn tó ti ní ìsọ̀. Bí ipò bá gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀, ẹ bá a dín ẹrù náà kù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ ṣírò ọ̀wọ́n gógó ti ọjà tiyín

Iye tí àjọ NBS ń kéde jẹ́ ti gbogbo ilé ní Nàìjíríà, oúnjẹ ló sì kó ipa tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí owó èésú bá ń lọ sí ìnáwó ilé, ẹ lè lo iye wọn bó ṣe wà. Bó bá jẹ́ pé aṣọ àti aró ló ń lọ rà, ẹ ṣe tiyín. Kò le.

Ẹ wá ìwé ọjà tí ẹ rà ní oṣù kan náà lọ́dún tó kọjá. Ẹ mú ẹrù kan ṣoṣo, ìyẹn iye aṣọ, aró àti ohun èlò tí ẹ máa ń rà lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ kọ iye tí ẹ fi rà á nígbà náà. Lẹ́yìn náà, ẹ bi àwọn oníṣòwò náà iye tí ẹrù yẹn gan-an jẹ́ lónìí. Ká fi àpẹẹrẹ yìí wò ó. Lọ́dún tó kọjá, aṣọ funfun gba ₦400,000, aró pẹ̀lú sóódà àti haidirosi gba ₦150,000, ọkọ̀, igi ìdáná àti owó alágbàṣe gba ₦50,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦600,000. Lónìí, aṣọ kan náà jẹ́ ₦540,000, aró àti ohun èlò rẹ̀ jẹ́ ₦222,000, ọkọ̀, igi àti alágbàṣe jẹ́ ₦58,000. Àpapọ̀ rẹ̀ di ₦820,000.

Ẹ fi 600,000 pín 820,000: 1.367. Ọ̀wọ́n gógó ọjà yín lọ́dún yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 36.7%, ó ju 34.80% lọ díẹ̀. Èyí ni kí ẹ fi rọ́pò 1.348 nínú ìgbésẹ̀ kẹta.

Ẹ kíyè sí àṣìṣe kan tó rọrùn láti ṣe níbí. Aṣọ fi 35% lọ sókè, aró fi 48%, ọkọ̀ àti igi fi 16%. Bí ẹ bá ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kí ẹ pín in sí mẹ́ta, ẹ ó rí 33%, kò sì tọ̀nà, nítorí pé owó tó ń lọ sórí aṣọ jẹ́ ìlọ́po mẹ́jọ èyí tó ń lọ sórí ọkọ̀ àti igi. Àpapọ̀ owó ni kí ẹ fi wé àpapọ̀ owó. Ìdí kan náà ló mú kí àjọ NBS máa fún oúnjẹ ní ipa tó ju ti àwọn ohun kéékèèké lọ.

Ohun mìíràn tó máa ń ba ìṣirò yìí jẹ́ ni ẹrù tó yí padà tí orúkọ rẹ̀ kò yí. Oníṣòwò lè fi iye rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, ṣùgbọ́n kí aṣọ náà ti tẹ́ẹ́rẹ́, tàbí kí ìgàn tí wọ́n ń pè ní yáàdì mẹ́wàá má pé mẹ́wàá mọ́. Ẹ tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀, ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́. Ẹ gbé e sókè sí oòrùn pẹ̀lú ègé aṣọ ti ọdún tó kọjá. Bí òwú ti tuntun bá fọ́nká tí ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín rẹ̀ kọjá ju ti àtijọ́ lọ, aró kò ní mú un bákan náà, ẹni tó ń rà á lọ́wọ́ yín á sì mọ̀. Bó bá jẹ́ yáàdì mẹ́sàn-án ló kù nínú ohun tí wọ́n pè ní mẹ́wàá, ẹ fi 9 pín iye rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 10 kí ẹ tó fi wé ti tẹ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ yan àtúnṣe kan kí èésú tó bẹ̀rẹ̀

Àtúnṣe tó rọrùn jù ni kí ẹ gé àkókò kúrú. Ẹni méjìlá yẹn kan náà á máa dá ₦50,000 lóṣù, ṣùgbọ́n ènìyàn méjì ló máa kó lóṣù kan, ₦300,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oṣù mẹ́fà ni yóò kárí. Ẹni tó kó kẹ́yìn á kó ₦300,000 tó lè ra ohun tí ₦265,000 rà ní oṣù kìíní, àdánù rẹ̀ gan-an á sì jẹ́ nǹkan bí ₦17,000. Bí wọ́n bá tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì nínú ọdún kan náà, tó sì tún jẹ́ òun ló kó kẹ́yìn, àpapọ̀ àdánù rẹ̀ lójú ọjà oṣù kìíní kò ní tó ìdajì ₦69,000 ti àkọ́kọ́, nǹkan bí ₦32,000 ni. Ibi tí kò ti dára ni pé ₦300,000 lè má tó ra ẹrù ní iye tí wọ́n ń tà fún ẹni tó ń kó ọjà ńlá. Bí owó tí ẹ ń fi kún un nítorí pé ẹ̀ ń ra díẹ̀díẹ̀ bá ju ohun tí ẹ jèrè nínú àkókò kúkúrú lọ, ẹ fi àtúnṣe yìí sílẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kí owó tí wọ́n ń dá máa gòkè lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ wo bó ṣe rí lórí èésú wa. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kálukú dá ₦50,000. Ní mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ₦54,000. Lẹ́yìn náà ₦58,000, mẹ́ta ìkẹyìn sì jẹ́ ₦62,500. Àwọn tó kó ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ á kó ₦600,000, àwọn tó tẹ̀ lé wọn ₦648,000, lẹ́yìn náà ₦696,000, àwọn tó kó kẹ́yìn á kó ₦750,000. Kálukú á dá ₦673,500 lápapọ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ á kọ́kọ́ yarí: «Ṣé kí n kó ₦600,000 kí n san ₦673,500?» Ẹ ṣí ìwé yín fún un. Lójú ọjà oṣù kìíní, ₦673,500 tó dá káàkiri ọdún jẹ́ nǹkan bí ₦585,000, ó sì kó ₦600,000. Ó ṣì jèrè ₦15,000. Ẹni kejìlá náà dá ₦585,000, ₦750,000 tó kó sì lè ra ohun tí ₦570,000 rà ní oṣù kìíní. Òun pàdánù ₦15,000 dípò ₦69,000. Kò dọ́gba tán, àmọ́ ó ti súnmọ́ra débi tí ẹni tó wà nísàlẹ̀ lè fọkàn balẹ̀.

Bí ẹ ṣe ń rí iye tí ẹ ó fi kún un rèé:

```
1.348^(3/12)
```

Ó jẹ́ 1.0775. Ẹ sọ ₦50,000 di púpọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ẹ rí nǹkan bí ₦53,900, ẹ sọ ọ́ di ₦54,000 kó lè rọrùn láti kà. Ẹ tún sọ ₦53,900 di púpọ̀ pẹ̀lú 1.0775 fún oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn kan á bèèrè bóyá owó èlé ni àfikún yìí. Ohun tí mo lè sọ ni pé iye kan náà ni gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ń dá lóṣù kọ̀ọ̀kan, kò sí ẹni tó ń san ju ẹnì kejì lọ. Bí ọkàn ẹnikẹ́ni kò bá balẹ̀ síbẹ̀, kó bi àáfà tàbí pásítọ̀ rẹ̀, kí ẹgbẹ́ sì lo ọ̀nà mìíràn tí kò fi náírà kan kún un: kí wọ́n yí ipò po nínú èésú tó tẹ̀ lé e, kí ẹni kejìlá di àkọ́kọ́, kí àkọ́kọ́ di ìkejìlá. Lẹ́yìn ọdún méjì, èrè ọdún kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àdánù ọdún kejì rẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tó kó ní oṣù kìíní ọdún àkọ́kọ́ kò ní kó mọ́ títí di oṣù kejìlá ọdún kejì, oṣù mẹ́tàlélógún gbáko. Ọ̀pọ̀ ló ń yọ ara wọn láàárín ìgbà bẹ́ẹ̀. Ẹ má lo ọ̀nà yìí àyàfi láàárín àwọn tó ti pẹ́ pọ̀.

Àwọn mìíràn ń gbé èésú lé aṣọ dípò náírà: kálukú á máa dá iye yáàdì ogójì, bí wọ́n bá ṣe ń tà á ní ìsọ̀ tí gbogbo wọn fẹnu kò sí. Bí yáàdì bá jẹ́ ₦1,250, ₦50,000 ni. Bó bá di ₦1,500, ₦60,000 ni. Ó bá èésú tó jẹ́ pé àwọn aládìrẹ nìkan ló wà nínú rẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n bí alágbo àti ẹni tó ń ta ọ̀fadà bá wà láàárín yín, ọjọ́ tí dọ́là bá gbé aṣọ sókè lójijì, ẹ ó gba owó lọ́wọ́ wọn lórí ọjà tí wọn kò tà.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tún un wò ní àárín ọdún

Ìdá ọ̀wọ́n gógó tí ẹ lò ní oṣù kìíní jẹ́ ti ọdún tó ti kọjá. Kò sí ẹni tó mọ ti ọdún tó ń bọ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ kọ sínú ìwé pé ní oṣù keje, ẹ ó tún wo iye tí NBS kéde àti iye ẹrù yín lọ́jà. Bí ọ̀wọ́n gógó bá ti rọ̀, ẹ dín àfikún oṣù mẹ́ta mẹ́ta tó kù kù. Ní 18%, fún àpẹẹrẹ, àfikún oṣù mẹ́ta kò ju nǹkan bí 4.2% lọ, ₦50,000 kò sì ní kọjá nǹkan bí ₦52,100. Ẹ má dá owó tí wọ́n ti kó sẹ́yìn padà sí ìjíròrò. Ti iwájú nìkan ni kí ẹ yí.

Kí iye tí ẹ fẹnu kò sí, ọjọ́ tí ẹ ó tún un wò, àti orúkọ ìsọ̀ tí ẹ ti ń bèèrè iye ọjà wà ní ojú ewé àkọ́kọ́, kí kálukú sì fọwọ́ sí i. Ẹ bèèrè onídùúró lọ́wọ́ àwọn mẹ́rin tó kọ́kọ́ máa kó, torí pé bí owó tí wọ́n ń dá ṣe ń gòkè ni ìdẹwò láti dáwọ́ dúró ṣe ń pọ̀ sí i. Onídùúró náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ₦62,500 ni òun dúró fún ní oṣù kẹwàá, kì í ṣe ₦50,000, kó sì fọwọ́ sí iye yẹn gan-an.